Láti Ọjọ́ Wo, Nítorí Kí Ni? Sákúlà Àyípadà Àkókò Iṣẹ́ àti Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ níbí kò tóbi lójú: sákúlà tó ń kéde fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé àkókò iṣẹ́ ti yí padà, ọjọ́ tí àyípadà náà máa bẹ̀rẹ̀, àti ìdí tó fi wáyé.

Ìwé náà kì í sábà ju ojú ìwé kan lọ. Síbẹ̀, òun ló máa sọ fún obìnrin tó ń gé bébà nínú ilé ìtẹ̀wé pé aago mẹ́rin ìdájí ló gbọ́dọ̀ jí, pé ẹlòmíì ló máa mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé, pé mọ́tò tó máa ń wọ̀ kò ní tíì dé ibùdókọ̀ nígbà tó bá jáde. Wákàtí iṣẹ́ jẹ́ ara àdéhùn tí ilé iṣẹ́ bá òṣìṣẹ́ ṣe. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé sákúlà tó bá fẹ́ fọwọ́ kan àdéhùn yẹn gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè méjì láìfi ohunkóhun pamọ́: láti ọjọ́ wo, àti nítorí kí ni? Aago fúnra rẹ̀ ló rọrùn jù láti kọ.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ìjókòó ẹbí ni ọ̀rọ̀ yẹn dára fún. Lára pátákó ìkéde, odidi ọ̀rọ̀ ni ká sọ, torí ẹni tó kọ ọ́ kò ní dúró síbẹ̀ láti ṣàlàyé ohun tó ní lọ́kàn.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1974, ní ibi méjì tó kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Abala 7 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó ṣàlàyé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ tán, kó tó pé oṣù mẹ́ta tó ti wọṣẹ́. Wákàtí iṣẹ́ wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà. Bí nǹkan kan nínú rẹ̀ bá yí padà, kí agbanisíṣẹ́ fi ìwé sọ fún òṣìṣẹ́, kó má sì ju oṣù kan lọ lẹ́yìn àyípadà ọ̀hún. Bí kò bá fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀, kó tọ́jú ìwé náà síbi tí òṣìṣẹ́ ti lè rí i kà.

Abala 13 ló sọ bí a ṣe ń mọ wákàtí iṣẹ́: kí tọ̀túntòsì fẹnu kò lé e lórí, tàbí kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ dúnàádúrà rẹ̀, tàbí kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó iṣẹ́ là á kalẹ̀ níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà ìdúnàádúrà. Ohun tó bá lé lórí ìyẹn, ófátáìmù ni. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Kò yẹ ká gbàgbé pé òfin yìí kò ka àwọn ọ̀gá tó ń ṣàkóso àti àwọn tó ń fi ìmọ̀ṣẹ́ ńlá ṣiṣẹ́ mọ́ àwọn tó pè ní òṣìṣẹ́. Tàwọn yẹn, inú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wọn ló wà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin fàyè gba kí ìwé dé lẹ́yìn tí nǹkan ti yí. Agbanisíṣẹ́ tó bá fara ti àyè yẹn kò rú òfin, ṣùgbọ́n ó hùwà àìdáa. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè tún ètò ilé rẹ̀ ṣe fún ọjọ́ tó ti kọjá.

Bí àwọn ìjọba kan ṣe ṣe é

Ní oṣù karùn-ún 2020, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn kónílé-ó-gbélé tó ti wà lórí Èkó àti Àbújá láti alẹ́ 30 oṣù kẹta. Dókítà Fọláṣadé Yẹmí-Ẹ̀san ni Olórí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ nígbà náà, ọ́fíìsì rẹ̀ sì fi sákúlà ránṣẹ́ lórí bí iṣẹ́ ṣe máa padà. Àwọn tó wà ní ìpele 14 sókè, àti àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kòṣeémánìí, ni kí wọ́n padà ní Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù karùn-ún. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì ni ọ́fíìsì máa ṣí, aago méjì ọ̀sán ni wọn yóò sì máa ti ilẹ̀kùn. Akọ̀wé tó wà ní ìpele 8 ní Àbújá kò nílò láti pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù kó tó mọ̀ pé kí òun dúró sílé. Ọ̀gá tó wà ní ìpele 15 mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìdí ibẹ̀ náà hàn sí gbogbo ayé: kí èrò má pọ̀ nínú ọ́fíìsì nígbà tí àrùn kòrónà ń jà.

Àpẹẹrẹ kejì súnmọ́ ilé jù. Nígbà tí wọ́n kéde ní 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, tí lítà kan sì di 488 náírà ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó mọ́tò àtilé dé ibiṣẹ́ ń jẹ owó oṣù tán. Ní oṣù kẹfà, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara dín ọjọ́ iṣẹ́ kù láti márùn-ún sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq sì ní kí Olórí Òṣìṣẹ́ ṣe àtòjọ tó máa fi ọjọ́ oníkálukú hàn. Àtòjọ yẹn gan-an ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí ìwé bá kàn sọ pé “ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀”, kò ní pẹ́ tí gbogbo ènìyàn á fi máa wá ní Ọjọ́ Ajé, tí kò ní sẹ́nì kan lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọjọ́ Ẹtì.

Èkó tẹ̀ lé e ní oṣù kejì 2024. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ní kí àwọn tó wà ní ìpele 1 sí 14 máa wá ní ọjọ́ mẹ́ta, kí ìpele 15 sí 17 máa wá ní ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn olùkọ́ ní tiwọn yóò máa wá ní ọjọ́ márààrún, ìjọba yóò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí owó ọkọ̀. Ẹ wo ti olùkọ́ dáadáa. Àyípadà náà kò kàn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n dárúkọ wọn, wọ́n sì sọ ohun tó máa rọ́pò àǹfààní tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ sákúlà ló ń gbàgbé ẹni tí nǹkan kò yí padà fún, ẹni yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ bínú.

Ká jọ kọ ọ̀kan

Ká gbà pé ilé ìtẹ̀wé kan wà ní Ìbàdàn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán ń wọlé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, wọ́n ń lọ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ń sinmi fún wákàtí kan láti aago kan ọ̀sán. Wákàtí mẹ́jọ ni iṣẹ́ gan-an lóòjọ́, 40 lọ́sẹ̀. Àwọn díẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀. Iná mọ̀nàmọ́ná ń wà lórí ìlà wọn láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Láti aago mẹ́ta sí márùn-ún, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ẹ̀rọ. Ká ní ó ń mu lítà dísù 15 ní wákàtí kan, lítà 30 ló ń lọ lóòjọ́ nìyẹn.

Máníjà rò ó pé bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà àbọ̀ tó sì parí ní mẹ́ta àbọ̀, ìlàjì wákàtí péré ni jẹnẹrétọ̀ máa fi ṣiṣẹ́. Lítà méje àbọ̀ máa rọ́pò 30. Èrò náà mọ́gbọ́n wá. Ó pe akọ̀wé, akọ̀wé sì tẹ ìlà mẹ́rin: ìṣàkóso ti pinnu pé, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ yóò máa wọlé ní aago 6:30, wọn yóò sì máa parí ní 3:30, nítorí ìdí tó ju agbára ìṣàkóso lọ, kí gbogbo ènìyàn tẹ̀ lé e, ẹni tó bá pẹ́ yóò jìyà.

Kò sí irọ́ nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n kò ṣeé lò. “Gbogbo òṣìṣẹ́” ti ko àwọn aṣiṣẹ́-òru àti àwọn tó ń ṣọ́ géètì mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ àkókò tiwọn kò yí. Kò sọ̀rọ̀ ìsinmi rárá. Bí ìsinmi bá ṣì wà ní aago kan, ẹni tó wọlé ní 6:30 máa fi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ dúró nídìí ẹ̀rọ kó tó fẹnu kan oúnjẹ. Bí wọ́n bá sì gbé e wá sí aago 11 fún gbogbo ọjọ́, kí ni àwọn Mùsùlùmí máa ṣe ní Ọjọ́ Ẹtì tí ìrun Jímọ́ọ̀ bá tó?

Ọ̀rọ̀ Jímọ́ọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Nígbà tí ilẹ̀ Lárúbáwá Alápapọ̀, níbi tí Dùbáì wà, yí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ìjọba padà, wọ́n kéde rẹ̀ ní 7 oṣù kejìlá 2021 pé 1 oṣù kìíní 2022 ló máa bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, tó ti jẹ́ ọjọ́ ìsinmi tẹ́lẹ̀, di ọjọ́ iṣẹ́ àbọ̀ tó ń parí ní aago 12 ọ̀sán, wọ́n sì fi wáàsí àti ìrun Jímọ́ọ̀ sí aago 1:15 jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, kí ènìyàn lè kúrò ní ibiṣẹ́ kó sì dé mọ́ṣáláṣí láìsáré. Wọ́n to aago iṣẹ́ àti aago ìrun pọ̀ kí wọ́n tó gbé ìkéde síta. Ilé ìtẹ̀wé Ìbàdàn kò lè sún aago ìrun, ṣùgbọ́n ó lè sún ìsinmi rẹ̀.

Ìwé tó yẹ kó jáde nìyí:

“SÁKÚLÀ SÍ GBOGBO ÒṢÌṢẸ́. Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù karùn-ún 2025.

Àkórí: Àyípadà àkókò iṣẹ́ ọ̀sán láti Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà 2025.

Láti Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà 2025, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán yóò máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 6:30 òwúrọ̀, wọn yóò sì máa parí ní aago 3:30 ọ̀sán, dípò 8:00 òwúrọ̀ sí 5:00 ìrọ̀lẹ́. Láti Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, ìsinmi jẹ́ aago 11:00 sí 12:00. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ìsinmi jẹ́ 10:00 sí 10:15 òwúrọ̀, àti 1:00 sí 2:00 ọ̀sán. Ìṣẹ́jú 15 tó lé ní Ọjọ́ Ẹtì wà lórí ilé iṣẹ́. Owó oṣù kò yí padà.

Àkókò àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru àti àwọn tó ń ṣọ́ géètì kò yí padà.

Ìdí àyípadà yìí ni pé iná mọ̀nàmọ́ná ń lọ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, dísù tí a ń fi ṣiṣẹ́ títí di aago márùn-ún sì ti wọ́n ju ohun tí iṣẹ́ ń mú wọlé ní wákàtí méjèèjì yẹn lọ. A óò yẹ ètò yìí wò ní Ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù kẹjọ 2025, pẹ̀lú aṣojú òṣìṣẹ́.

Ẹni tí aago 6:30 bá máa ni lára nítorí ọmọ, àìsàn tàbí ọ̀nà, kó rí ẹ̀ka ìṣàkóso kó tó di Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù karùn-ún. Ààyè wà fún 7:30 sí 4:30.”

Orúkọ, ipò àti ìbuwọ́lù ẹni tó ní àṣẹ ló kù, pẹ̀lú nọ́ḿbà fáìlì. Ìwọ̀nyẹn kò le.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́

Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe kọ ọjọ́ náà: orúkọ ọjọ́, déètì, oṣù, ọdún. Orúkọ àti déètì ń ṣọ́ ara wọn. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì tẹ “Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà”, ẹni tó bá wo kàlẹ́ńdà máa rí i pé 3 jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò sì bèèrè kí ọjọ́ tó pé. Bí déètì nìkan bá wà níbẹ̀, àṣìṣe náà máa sá pamọ́ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ ọ̀hún.

“Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀” kò dára, torí ẹni tó wà ní ìsinmi tó sì ka ìwé náà ní ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹlòmíì máa ka ọ̀sẹ̀ mìíràn. “Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ” tún burú fún àwa Yorùbá, nítorí àwa máa ń ka òní mọ́ iye ọjọ́. Ẹni tó bá ní òun ń bọ̀ ní òní ọjọ́ mẹ́jọ láti Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ajé kejì là ń retí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ọjọ́ bíi ti bánkì máa dé ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn méjèèjì kà á dáadáa, ọjọ́ tí wọ́n dé kò sì dọ́gba.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló wà láàárín 12 oṣù karùn-ún àti 2 oṣù kẹfà. Láàárín rẹ̀ ni ìyá ọmọ máa wá ẹni tó máa bá a mú ọmọ lọ sílé ìwé, ni olóúnjẹ tó ń tà lẹ́nu géètì máa mọ̀ pé aago 11 ni kí ìrẹsì jinná, ni wọ́n máa tún ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ ń tẹ ìka sí ṣe. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Bí wọn kò bá yí aago inú rẹ̀, ẹni tó tẹ̀ka jáde ní 3:30 yóò di ẹni tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú aago márùn-ún, nínú ìwé owó oṣù náà ló sì máa ti rí i pé wọ́n gé òun lówó.

Oṣù tuntun náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí àyípadà bá bọ́ sí àárín oṣù, akọ̀wé owó á máa fi ìlànà méjì ṣírò ófátáìmù oṣù kan ṣoṣo. Àmọ́ ẹ má fi ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ọdún. Ìléyá 2025 bọ́ sí 6 oṣù kẹfà, Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kan náà, ìjọba sì fi 9 tó jẹ́ Ọjọ́ Ajé kún ìsinmi. Ilé iṣẹ́ tó bá rí i pé ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ máa jẹ́ lè rò ó pé ó dára fún ìdánwò, ṣùgbọ́n kó fi sọ́kàn pé Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ ètò tuntun di 13 oṣù kẹfà.

Ọ̀rọ̀ ìdí

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìdí tí a bá kọ sínú sákúlà kò ṣeé kó padà mọ́. Gbólóhùn bí “ìdí tó ju agbára ìṣàkóso lọ” ń fa àròsọ: òmíràn á ní wọ́n fẹ́ ta ilé iṣẹ́, òmíràn á ní wọ́n fẹ́ dín èèyàn kù. Nínú àpẹẹrẹ wa, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń dún láti aago mẹ́ta. Ìdí tí wọ́n lè fi etí ara wọn gbọ́ kò nílò ẹ̀rí mìíràn.

Àmọ́ ìdí tó hàn kedere máa ń mú ojúṣe wá. Bí iná bá bẹ̀rẹ̀ sí í wà títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè pé kí wọ́n padà sí aago mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí ọ̀gá kan fi máa ń fẹ́ ìdí tó ṣókùnkùn. Èrò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni pé ìbéèrè yẹn tọ́, ọjọ́ àyẹ̀wò, 29 oṣù kẹjọ, sì wà níbẹ̀ kí ìbéèrè náà lè ní àyè tirẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti yọrí

Kí ẹ̀ka ìṣàkóso ṣí ìwé ìwọlé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí èrò púpọ̀ bá pẹ́ ní Ọjọ́ Ajé nìkan, tó sì dọ́gba láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìkéde ni kò dé etí wọn. Bí àwọn kan náà bá ń pẹ́ lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń ti àdúgbò kan náà bọ̀, mọ́tò ni kò sí ní ìdájí, ìyà kò sì lè mú mọ́tò wá. Bí gbogbo wọn bá tẹ̀ka ní 6:30 ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ kò dún títí di 7:15, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń fi aago mẹ́jọ wọlé. Ìwé tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ kò dé ibẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń ka Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń kàwé. Ilé iṣẹ́ tó bá lẹ sákúlà mọ́ ara ògiri lédè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tó sì fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, kò tíì kéde fún obìnrin tó ń gbálẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú, kí alábòójútó kà á sókè fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tó jáde àti ní Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú àyípadà, kí oníkálukú sì fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka pé òun ti gbọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Bí sákúlà àyípadà àkókò bá wà lórí tábìlì ẹnikẹ́ni nínú yín tí kò tíì jáde, ẹ pe ẹni tó ń ṣọ́ géètì àti obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọlé, ẹ kà á fún wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n sọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n máa wá. Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ní lọ́kàn, ẹ tún un kọ kí ẹ tó buwọ́ lù ú.